Nọ́ọ̀sì Tó Ní Òun Ń Lọ Sílé Ìwé

Ọjọ́ Ajé ni ó mú ìwé náà wá. Mo rántí nítorí pé ọjọ́ Ajé ni mo máa ń to rọ́sítà ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sí wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí bí mo ṣe ń kọ ọ́ láti bí ọdún márùn-ún. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ alẹ́ ti fa àwọn aláìsàn lé àwọn ti àárọ̀ lọ́wọ́, wọ́n ti lọ sílé. Ó kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi, ó wọlé, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sì gbé àpò ìwé kan kalẹ̀ síwájú mi.

"Mẹ́tírọ̀n, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wò ó."

"Kí ni?"

"Ẹ kà á ná, mà."

Ìwé méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan náà sì ni àwọn méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ wọ́n, ó kọ wọ́n sí dókítà tó ni ilé ìwòsàn, ó sì fi wọ́n gba ọwọ́ mi kọjá, bó ṣe yẹ kí nọ́ọ̀sì ṣe é. Ó ní òun ń fi ìwé náà sọ pé òun máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní yunifásítì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn fún gbogbo ohun tí òun kọ́ níbẹ̀. Ó ní ìwé tí wọ́n fi gba òun síṣẹ́ sọ pé oṣù kan ni nótíìsì, ṣùgbọ́n òun fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí a lè rí ẹni tó máa rọ́pò òun. Ó kọ ọjọ́ tí òun máa ṣiṣẹ́ kẹ́yìn síbẹ̀. Ó wá ní òun ti ṣe tán láti kọ gbogbo iṣẹ́ wọ́ọ̀dù náà sílẹ̀, láti kọ́ ẹnikẹ́ni tí a bá yàn, àti pé bí òun bá tilẹ̀ ti lọ, a lè pe òun lórí fóònù bí ohunkóhun bá rú wa lójú.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ mú ara fu mí gan-an nìyẹn.

"Èwo ni ti ìwé kejì?"

"Ẹ̀dà tèmi ni, mà. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi fọwọ́ sí i pé ẹ ti gba ìwé náà, kí ẹ kọ ọjọ́ òní sí i, kí ẹ sì lu òǹtẹ̀."

"Ṣé o rò pé mo máa sọ ọ́ nù ni?"

Ó wolẹ̀. Mo fọwọ́ sí i, mo lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, mo tì í sí i. Bó ṣe jáde, mo dìde, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì tún ìwé náà kà nígbà kẹta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọkàn mi fi yára lọ síbi tó lọ. Ní ìgbà yẹn, ilé ìwòsàn tuntun ń yọ lẹ́bàá ọ̀nà ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì bí ẹni ń to bíríkì. Láti Ajah títí dé Awoyaya, bí o kò bá kọjá níbì kan fún oṣù mẹ́ta, wàá bá pátákó tuntun níbẹ̀. Iṣẹ́ ń lọ ní ọ̀nà èbúté ńlá tí wọ́n ń kọ́ ní Ìbẹ̀jú, èrò ń wọ́ tẹ̀lé e, gbogbo wọn ló sì ń bímọ. Oníṣẹ́ ọwọ́ tí ìṣó gún lẹ́sẹ̀, káfíńtà tó já bọ́ láti orí àjà, ìyàwó oníbíríkì tó lóyún àkọ́kọ́, gbogbo wọn ló ń wá sọ́dọ̀ wa. Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ ìgbẹ̀bí dáadáa sì wọ́n. Kì í ṣe oògùn tàbí bẹ́ẹ̀dì ni àwọn ilé ìwòsàn fi ń bára wọn jà nígbà náà, nọ́ọ̀sì ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn kan náà, nọ́ọ̀sì kan lára wa ti kọ irú ìwé báyìí. Òun náà ní òun ń lọ sílé ìwé. A gbàdúrà fún un, a gé kéèkì. Kò pé oṣù kan tí mo gbọ́ pé ó wà ní ilé ìwòsàn tuntun kan lápá Thomas Estate, ó wọ aṣọ funfun. Lẹ́yìn náà ni àwọn aláboyún wa bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ọ̀gá dókítà pè mí síwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ní, "Mẹ́tírọ̀n, ojú yín ni wọ́n ṣe kó wa lérò lọ." Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà yẹn, òun kò tíì pé márùndínláàádọ́ta. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Eléyìí tó wá mú ìwé wá yìí tún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọmọ abúlé kan létí ọ̀sà ni, ìyá rẹ̀ ń yan ẹja. Àwọn obìnrin apá ibẹ̀ kì í fẹ́ wá sí ọsibítù tẹ́lẹ̀, agbẹ̀bí ilé ni wọ́n ń lọ. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn wá. Ó máa ń fi èdè wọn bá wọn sọ̀rọ̀, ó sì mọ ẹni tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ àti ẹni tí ọkọ rẹ̀ kì í fún láyè. Mo mọ̀ pé ibi tó bá lọ ni wọ́n máa tẹ̀ lé e lọ.

Mo gbé ìwé náà lọ bá ọ̀gá dókítà. Ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ilé ìwé wo?"

"Kò kọ ọ́ síbẹ̀, sà."

"Ẹ rí i? Ṣé ẹni tó ń lọ sílé ìwé kò ní dárúkọ ilé ìwé náà ni? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló sì fún wa. Kí ló fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣe? Kó máa fi kó àwọn aláboyún jọ? Ẹ jẹ́ kó máa lọ lónìí."

Mo sọ fún un pé bó bá lọ lónìí, kò sí ẹni tí mo lè fi sí wọ́ọ̀dù náà lọ́la. Ó ronú, ó ní kò burú, kí n máa ṣọ́ ọ. Òun kò ní fèsì sí ìwé náà títí màá fi mọ ibi tó ń lọ gan-an.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn mo pè é. Mo ní kó mú ìwé tí yunifásítì fi gbà á wọlé wá kí n rí i.

"Mẹ́tírọ̀n, ẹ máà bínú, mà. Mo ti ka ìwé òfin òṣìṣẹ́ wa. Kò sí i níbẹ̀ pé mo gbọ́dọ̀ fi hàn."

Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. Òótọ́ ló sì sọ. Mo ti ka ìwé òfin náà fúnra mi kí n tó pè é, mo sì rí i pé kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ohun tó ń fi pa mọ́, kí ló máa dí i lọ́wọ́? Láti ìgbà náà ni mo ti dá ẹjọ́ náà nínú ara mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Kò sí ohun tó ṣe tí n kò rí ìtumọ̀ fún. Mo rí i pé ó ra ìwé ńlá kan tó ní èèpo líle, aláwọ̀ búlúù, ó sì ń kọ nǹkan sínú rẹ̀ nígbàkúgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo yọ́ wọ wọ́ọ̀dù, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ àwọn aláboyún wa ni mo rí, lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn àti ti ọkọ wọn. Bó ṣe gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó pa ìwé náà dé.

"Kí lò ń kọ?"

"Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fà lé yín lọ́wọ́ ni, mà. Kò tíì parí."

"Fún mi kí n wò ó."

"Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀ ná, mà. Mo máa fún yín."

Mo ní kò burú, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo jáde.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ àwọn aláboyún. Mo jókòó síbi tí mo ti lè rí i. Ó ń pe àwọn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́yìn tó bá wọn wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tán, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nígbà tí obìnrin kan lára wọn ń lọ, mo dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ni nọ́ọ̀sì ń sọ fún yín?"

"Kò sí nǹkan kan, Mẹ́tírọ̀n. Ó kàn ní bí oṣù tó ń bọ̀ bá dé tí mi ò bá rí òun, kí n má bẹ̀rù..." Ó wo ojú mi, ó sì rí ohun kan níbẹ̀ tí kò fẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ẹja lórí iná." Ó lọ.

Èmi ni mo parí gbólóhùn náà fún un nínú ọkàn mi. Kí o má bẹ̀rù, wá bá mi ní ibi báyìí-báyìí.

Lọ́jọ́ kejì mo gba kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù yìí ni a ń tọ́jú àwọn oògùn ìrora líle sí, a sì ń kà wọ́n nígbà tí iṣẹ́ bá ń pààrọ̀ ọwọ́, nọ́ọ̀sì méjì á kà á, wọ́n á sì jọ fọwọ́ sí ìwé. Èmi àti nọ́ọ̀sì mìíràn kà á lójú rẹ̀, a fi wé ohun tó wà nínú ìwé láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ kan kò dín. Igo kan kò lé. Ó dúró ti ògiri, ó káwọ́ sẹ́yìn títí a fi parí. Mo ní, "Kò sí wàhálà, ètò lásán ni." Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà." Nọ́ọ̀sì kejì kò lè wo ojú rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn yòókù ti ń yà fún un. Bó bá wọ yàrá tí a ti ń jẹun, ọ̀rọ̀ á dúró. Kò sí ẹni tí mo sọ ohunkóhun fún, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ti mọ ohun tí wọ́n yóò rò. Ó ń dé kí aago méje tó lù, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó ń lọ sílé. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ gan-an, mo ka ìyẹn náà sí i lọ́rùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, dírẹ́bà ọkọ̀ aláìsàn wa wá bá mi. Ó ní òun gbé òṣìṣẹ́ kan lọ sí Thomas Estate lánàá, òun sì rí nọ́ọ̀sì wa, tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, tó ń wọ ilé ìwòsàn tuntun yẹn.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Mẹ́tírọ̀n, mo kí i. Ó dá mi lóhùn."

Kò ku ohun tí mo tún ń wá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì mo bọ́ aṣọ iṣẹ́ mi, mo wọ ìró àti bùbá, mo gba ibẹ̀ lọ. Mo sọ fún akọ̀wé iwájú pé mo wá kí ẹnì kan. Mo ń wo gbogbo ilẹ̀kùn. Ẹni tó jáde sí mi ni nọ́ọ̀sì wa àtijọ́, ẹni tí a gé kéèkì fún. Ó rí mi, ẹ̀rù bà á díẹ̀, lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Mẹ́tírọ̀n. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Ọ̀rẹ́ rẹ wá síbí ní ìjẹta."

"Ọ̀rẹ́ mi?" Ó ronú. "Áà, nọ́ọ̀sì yín. Ó wá, mà. Ṣé ẹ rántí obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru tí ẹ gbé kúrò lọ́dọ̀ yín sí ilé ìwòsàn ńlá ní oṣù tó kọjá? Bẹ́ẹ̀dì kò sí níbẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì gbé e wá síbí. Ibí ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Nọ́ọ̀sì yín wá béèrè bó ṣe parí sí. Ó ní nínú ìwé tí ẹ fi ń gbé àwọn aláìsàn ránṣẹ́, ẹ kò kọ ìgbẹ̀yìn ẹnì kankan síbẹ̀, òun kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀."

"Ohun tó wá ṣe nìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan ni. Mo tilẹ̀ ní kó wá bá wa ṣiṣẹ́ níbí, ọ̀gá wa ń wá ẹni bíi tirẹ̀. Ó ní òun ń lọ sílé ìwé." Ó wò mí. "Mẹ́tírọ̀n, n kò pe aláboyún yín kankan. Mo mọ ohun tí ẹ sọ nípa mi. Èmi náà fẹ́ lọ sílé ìwé lóòótọ́. Kò ṣeé ṣe fún mi ni."

N kò mọ̀ títí dòní bóyá òótọ́ ló sọ nípa ti àwọn aláboyún. Ó lè jẹ́ òótọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo jáde, oòrùn sì mú mi lójú.

Ó yẹ kí ìfura mi kú níbẹ̀. Kò kú. Mo ń rìn bọ̀, mo ń sọ fún ara mi pé ó lè jẹ́ pé àwọn méjèèjì ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà dé ọ́fíìsì, nọ́ọ̀sì wa ló ń dúró dè mí. Ìwé búlúù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dírẹ́bà, tó rí mi bí mo ṣe ń jáde, ti sọ ibi tí mo lọ fún un.

"Ẹ wá mi lọ sí Thomas Estate, mà."

Mo jókòó. Mo ní kó jókòó. Kò jókòó.

"Ẹ ń fura sí mi, Mẹ́tírọ̀n. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo fún yín ní ìwé. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ọ̀rọ̀ kan. Fọ́ọ̀mù tí mo fún yín ní ọdún méjì sẹ́yìn ńkọ́?"

Ibi yìí ni mo ní láti sọ ohun tí n kò tíì sọ. Ní ọdún méjì ṣáájú, ó ti gbìyànjú láti wọ yunifásítì. Ilé ìwé náà fún un ní fọ́ọ̀mù kan tí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ, kó jẹ́rìí sí ìwà àti iṣẹ́ rẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ sí wọn fúnra rẹ̀. Ó gbé e fún mi. Nọ́ọ̀sì mẹ́ta ti fi wá sílẹ̀ ní àkókò yẹn, wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí kún, mo sì ń lò ó tọ̀sán tòru bí ẹni pé ẹlòmíràn kò sí. Mo fi fọ́ọ̀mù náà sábẹ́ fáìlì rọ́sítà nínú dúrọ́wà mi. Mo sọ fún ara mi pé màá kọ ọ́ bí iṣẹ́ bá rọlẹ̀. Iṣẹ́ kò rọlẹ̀. Nígbà tó béèrè, mo ní, "Mo ti fi ránṣẹ́." Nígbà tí orúkọ àwọn tí ilé ìwé mú jáde tí tirẹ̀ kò sí níbẹ̀, mo bá a kẹ́dùn. Mo ní kó fọkàn sí ọdún tó ń bọ̀.

"Mo tẹ̀ wọ́n láago nígbà náà," ni ó wí. "Wọ́n ní ohun gbogbo pé, fọ́ọ̀mù láti ibi iṣẹ́ mi nìkan ni kò dé. Mo rò pé bóyá ó sọnù lójú ọ̀nà. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ẹ ní kí n wá mú rọ́sítà nínú dúrọ́wà yín. Mo rí i níbẹ̀. Ẹ kò kọ nǹkan kan sí i."

Mo wo dúrọ́wà náà.

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ fọwọ́ sí ẹ̀dà kejì. Ìdí nìyẹn tí n kò fi dárúkọ ilé ìwé. Dókítà àgbà tó ń wá ṣe iṣẹ́ abẹ fún wa lọ́jọ́ Ẹtì ló kọ fọ́ọ̀mù tọdún yìí fún mi. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún yín. Ẹ ń fura sí mi, mà. Èmi náà ti ń fura sí yín láti ọdún méjì."

"Ọdún méjì," ni mo wí, "o sì ń kí mi láràárọ̀."

"Iṣẹ́ ni mo wá ṣe, mà."

Mo fẹ́ sọ pé mo gbàgbé fọ́ọ̀mù náà ni. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi. Bí mo bá sọ ọ́, bóyá ó máa gbà á, nítorí ó mọ bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ní gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí dúrọ́wà náà, mo máa ń rí etí fọ́ọ̀mù náà, mo sì máa ń ti dúrọ́wà náà padà. Mo ní, "Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. N kò fẹ́ kí o lọ."

Ó mi orí. Kò sunkún, kò bú mi. Ó gbé ìwé búlúù náà kalẹ̀ sórí tábìlì, ó ní òun ti parí rẹ̀, ó sì padà sí wọ́ọ̀dù nítorí pé obìnrin kan ń rọbí.

Mo ka ìwé náà ní gbogbo ọ̀sán yẹn. Gbogbo aláboyún tó máa bí láàárín oṣù mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ó kọ iye oyún tí kálukú ti ní, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dá púpọ̀ nígbà tó bí èyí tó kọjá, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tó máa ń sọ pé òun ń lo oògùn tí kì í sì í lò ó. Ó kọ nọ́ńbà ọkọ, ó sì kọ ti ìyá ọkọ síwájú bó bá jẹ́ pé òun ló ń pinnu nínú ilé náà. Ó kọ pé ẹ̀rọ tí a fi ń fa omi kúrò ní ọ̀nà ọ̀fun ọmọ tuntun kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lára sọ́kẹ́ẹ̀tì ọwọ́ òsì, kí wọ́n máa lo ti ọ̀tún. Ó kọ ibi tí a ń tọ́jú sípánà tí a fi ń ṣí gáàsì ọ́síjìn sí, àti oògùn tó gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì. Ní ojú ìwé tó kẹ́yìn, ó kọ ohun tí kò dára nínú iṣẹ́ wa. Orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Ó kọ pé a kì í jẹ́ kí àwọn aláboyún mọ̀ bí nọ́ọ̀sì tí wọ́n mọ̀ bá fẹ́ lọ, wọ́n kàn ń dé lọ́jọ́ kan tí wọn kò rí i mọ́, àwọn kan kò sì ní padà wá. Ìyẹn ló fà á tí òun fi ń sọ fún wọn nísinsìnyí, kí wọ́n má bẹ̀rù ẹni tuntun.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá ọ̀gá dókítà. Mo sọ ohun gbogbo fún un, títí kan ti fọ́ọ̀mù. Ó ní, "Ṣé ilé ìwé ló ń lọ lóòótọ́ báyìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ó dára. Ẹ kọ ìwé èsì, kí n fọwọ́ sí i." Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò tíì gbà á gbọ́ tán, àti pé láti ọjọ́ náà, èmi náà ti wà lára àwọn tí yóò máa ṣọ́.

Mo kọ ìwé èsì náà fúnra mi. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé a gba ìwé tó fi fi iṣẹ́ sílẹ̀, pé ọjọ́ tó kọ ni ọjọ́ tó máa ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, pé a gba ìrànlọ́wọ́ tó ní òun máa ṣe láti fa iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, a sì dúpẹ́. Mo dá kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn padà fún un níwájú àwọn nọ́ọ̀sì yòókù. Mo ní, "Èmi ni mo ṣàṣìṣe." Ó gba kọ́kọ́rọ́ náà, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," bó ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ tí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo yan nọ́ọ̀sì kan tó ti ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé láti rọ́pò rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù, àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹni tuntun ń wò ó; ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹni tuntun ń ṣe é, òun ń wò; ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó jókòó sí igun, ó ń ká bándéèjì, kò sì dá sí i àfi tí wọ́n bá bi í. Ó mú un lọ bá àwọn aláboyún náà lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́rú, ó ń fi èdè wọn sọ pé, ẹ̀gbọ́n mi nìyí, ẹ má ṣe fi nǹkan pa mọ́ fún un.

Ní ọjọ́ tó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, ó gbé fọ́ọ̀mù tó gbọ́dọ̀ gbé kiri kí ó tó lọ, láti ilé oògùn dé sítọ́ọ̀ dé ibi àkọsílẹ̀, gbogbo wọn fọwọ́ sí i pé kò sí ohun ìní wa lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló parí sí. Ó dá káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ padà. Àwọn òṣìṣẹ́ bi mí bóyá kí a gé kéèkì. Mo ní kí wọ́n bi í. Ó ní kò pọn dandan. Mo ti kọ ìwé ẹ̀rí kan sílẹ̀ fún un, ojú ìwé méjì, mo sọ òtítọ́ nínú rẹ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Mo fi í sínú àpò ìwé, n kò lẹ̀ ẹ́ pa, kó lè kà á fúnra rẹ̀ kó tó jáde. Ó sì kà á, lójú mi, láti òkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mẹ́tírọ̀n, ẹ bá mi ya ẹ̀dà kan sí i, mà."

Mo lọ yà á.

A pè é lórí fóònù nígbà méjì péré lẹ́yìn tó lọ, ó sì dáhùn nígbà méjèèjì. Lára àwọn obìnrin etí ọ̀sà, díẹ̀ kò padà wá. Púpọ̀ nínú wọn wá. Èmi náà ti fẹ̀yìn tì báyìí. Mo pàdé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ní ọdún tó ṣáájú ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì, níbi ìpàdé àwọn nọ́ọ̀sì kan ní Lẹ́kí. Ó ti gba oyè rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó béèrè àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè bóyá ẹsẹ̀ mi ṣì ń dùn mí. Àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbé báàgì mi kúrò níbẹ̀ fún un. Ó ní ẹ ṣeun, mà, ó sì lọ jókòó síbòmíràn.